Nọ́ńbà Kò Ní Oríkì

Bí a bá ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kọ ewì fún ìwé ìròyìn ilé ìwé, ewì ìdánwò ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń mú wá. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, èmi náà ni mo sì ń bójú tó ojú ìwé ewì nílé ìwé wa, nítorí náà mo ti ka irú ewì bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ẹ̀rù tí mo rí lójú ọmọ náà kì í dé inú ewì rẹ̀. Ọmọ tí kò sùn lóru, tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀, tó ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì tó ń jẹ èékánná, yóò mú bírò, yóò kọ ọ́ pé ìdánwò jẹ́ kìnnìún tó ń bú lójú ọ̀nà. Kò rí kìnnìún rí. Nígbà tó bá fi máa di ìlà kẹrin, ó ti ń wàásù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n múra sí ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì wà nínú ikùn rẹ̀ bó ṣe wà kó tó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí bí a ṣe lè kọ ewì náà kí ẹ̀rù àti ìrètí jọ wà nínú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ohùn ọmọ ilé ìwé ni a óò gbọ́. Mo kọ ọ̀kan fúnra mi ní ohùn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, n ó sì tú u palẹ̀ kí a lè rí bí a ṣe tò ó.

Kí n tó dé ibẹ̀, ohun kan wà tí àwọn ọmọ ń kó láti kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì wá sínú ewì Yorùbá. Wọ́n ti kọ́ wọn níbẹ̀ pé kí ìparí ìlà máa dún bákan náà, wọ́n á wá máa wá ọ̀rọ̀ tó parí sí «á» kiri bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Fáwẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń parí, yálà àìránmúpè tàbí àránmúpè, fáwẹ̀lì wa kò sì pọ̀. Èyí mú kí irú ìdúnbákan-náà bẹ́ẹ̀ rọrùn débi pé etí kò kà á sí. Ohun tí etí Yorùbá ń dúró dè yàtọ̀. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé tó ṣe lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá ní ọdún 1984, fi hàn bí àwítúnwí, gbólóhùn adọ́gba àti ìtakora ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń gbé ewì wa ró. Ọmọ tó bá sọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ti ṣe ohun tí ogún ìlà tó ń dún bákan náà kò lè ṣe fún un.

Níbo wá ni kí ọmọ náà ti rí àwòkọ́ṣe fún ẹ̀rù rẹ̀? Lérò tèmi, ẹkún ìyàwó ni. Mo mọ̀ pé orí ìtàgé ìdíje àṣà àti ọjọ́ àjọyọ̀ ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀ láyé àtijọ́, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, yóò lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, yóò sun ẹkún, àwọn òbí yóò sì wúre fún un. Nínú ẹkún náà yóò dúpẹ́ oore, yóò sọ pé ilé ibi tí òun ń lọ ń ba òun lẹ́rù, yóò dárúkọ ohun tó ń bẹ̀rù níbẹ̀, yóò sì yin ìdílé tí òun ti wá. Kò sí ẹni tó máa ní kó pa ẹnu mọ́, kò sì sí ẹni tó máa ní kò nígboyà. Ẹ̀rù náà ní àkókò tirẹ̀, ó ní ibi tí a ti ń sọ ọ́, ó ní àgbàlagbà tó jókòó láti gbọ́ ọ.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni ìdí tí ìyàwó fi ń ki ìdílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibi tó ń lọ, ìyàwó ilé lásán ni yóò jẹ́ lójú wọn, wọn kò tíì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni ó ṣe ń rán ara rẹ̀ létí ẹni tó jẹ́ kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù pé a kò ní mọ̀ ọ́n ni oríkì ń dá lóhùn.

Ọmọ tó ń lọ kọ Wáẹ́kì náà ń lọ síbi tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Láti 1952 tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀, ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹni tó ń máàkì ìwé kò mọ ọmọ tó kọ ọ́, kí ìdájọ́ lè tọ́. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí lójú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́wàá: méje àkọ́kọ́ jẹ́ ti ibùdó ìdánwò, mẹ́ta tó kù jẹ́ tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni yóò kọ, tí yóò sì tún fi pẹ́ńsù kùn lórí ìwé ìdáhùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òun ni yóò tẹ̀ sórí fóònù láti wo èsì, nọ́ńbà mìíràn ni yóò sì jáde sí i, láti A1 títí dé F9. Bí mo bá bi àwọn ọmọ léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ọ̀pọ̀ wọn á ní àwọn kò fẹ́ fẹ́èlì. Bí mo bá tún un béèrè, tí mo dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí sọ nípa òbí wọn, nípa owó tí wọ́n san, nípa ohun tí àdúgbò yóò máa pè wọ́n. Ibẹ̀ ni ewì wà. Èyí ni mo kọ:

Kí N Tó Wọlé

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Màmá, mo kúnlẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ gbọ́ tẹnu mi.
Ìwé ni mo ń lọ kọ, ẹ̀rù ń bà mí.

Mo kàwé lóru àná títí iná fóònù fi kú.
Mo ṣí ojú ìwé, ojú ìwé kò ṣí fún mi.
Mo pe Ìṣirò, ó ní kí n dúró níta.
Mo pe Físíìsì, ó ní òun kò mọ̀ mí rí.
Mo pe Kẹ́mísírì, ó kẹ̀yìn sí mi.

Wọ́n ti tú àga wa ká,
Ọ̀rẹ́ kò gbọ́ èémí ọ̀rẹ́.
Nọ́ńbà mẹ́wàá ni wọ́n kọ mọ́ mi lára,
Nọ́ńbà mẹ́wàá ni wọn yóò fi dá mi mọ̀.
Ẹni tí yóò ka ìwé mi kò mọ ilé wa.
Kò mọ̀ pé èmi ni mo ń lọ lọ ẹ̀wà,
Kò mọ̀ pé èmi ni mo ń pọn àbúrò sùn,
Kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ iná àkàrà ni mo ti ń kàwé.
Bí mo bá fẹ́èlì, ta ni yóò fẹ́èlì?
Ṣé nọ́ńbà ni, àbí ọmọ yín?

Màmá, owó Wáẹ́kì tí ẹ san,
Ọwọ́ yín lẹ fi wá a,
Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ fi dá a padà.
Ẹ wúre kí ọwọ́ mi má gbọ̀n.

Ẹ pè mí kí n tó lọ.
Ẹ má pe nọ́ńbà, nọ́ńbà kò ní oríkì.
Ẹ pè mí ní Àjọkẹ́ kí n jẹ́ yín.
Àjọkẹ́ tó mọ iye àkàrà tó wà nínú kóńgò ẹ̀wà kan,
Ta ló ní kò mọ Ìṣirò?
Àjọkẹ́ tó mọ ìgbà tí epo gbóná tó,
Ta ló ní kò mọ Físíìsì?
Àjọkẹ́ tó mọ bí kán-ún ṣe ń mú ẹ̀wà rọ̀,
Ta ló ní kò mọ Kẹ́mísírì?

Mo ti gbọ́ orúkọ mi. Mo dìde.
Ìbéèrè tí mo bá mọ̀ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn,
Èyí tí n kò mọ̀, n ó padà wá bá a.
Wọn yóò wo nọ́ńbà mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà,
Àjọkẹ́ ni yóò wọlé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ewì náà, ìkúnlẹ̀ ìyàwó ni mo yá lò. Ìkúnlẹ̀ yìí ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìwàásù, nítorí ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú òbí rẹ̀ kò lè máa kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́gbọ́n. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ti wà níwájú rẹ̀, ó mọ ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tí ewì wọn ń bá wí kí wọ́n tó kọ ìlà kìíní, nítorí ewì tí kò ní ẹni tó ń bá wí ló máa ń di ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀nà yìí lè dọ̀bálẹ̀ dípò kó kúnlẹ̀, kó sì ní kí wọ́n pe òun ní Àjàní tàbí Àlàbí. Obìnrin ló ni ẹkún ìyàwó, àmọ́ kò sí ọmọkùnrin tí oríkì kì í mú orí rẹ̀ wú.

Ní ìlà kẹfà sí ìkẹjọ, mo sọ iṣẹ́ mẹ́ta di ènìyàn. Àwọn olùkọ́ ń pe èyí ní ìfohunpènìyàn, àwọn ọmọ sì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa nítorí ó wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ fún ìdánwò Yorùbá fúnra rẹ̀. Ohun tí wọn kì í ronú sí ni ìdí tí a fi ń lò ó. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà mọ ìrírí kan dunjú: ohun tó kà lánàá, tó yé e, kò dá a lóhùn mọ́ lónìí. Ó dà bíi pé ẹni tí ẹ jọ jẹun lánàá ló ń sọ pé òun kò mọ̀ ọ́ rí. Kìnnìún kò lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ síni. Ènìyàn nìkan ló lè kẹ̀yìn síni. Nítorí náà ni mo ṣe jẹ́ kí Ìṣirò sọ̀rọ̀ bí onílé tó kọ àlejò, kí Físíìsì sẹ́ ojúlùmọ̀, kí Kẹ́mísírì má tilẹ̀ fọhùn rárá. Bákan náà ni gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ náà sì ń le sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ibi tí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti padà wá. Ohun tí mo gbàgbọ́ jù nípa irú ewì yìí nìyẹn: inú ohun tó ba ọmọ lẹ́rù ni kí ìrètí ti jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ewì tí wọ́n ń mú wá fún mi, ẹ̀rù ń bẹ lókè, lẹ́yìn náà ni oòrùn ọ̀la yóò ràn, Ọlọ́run yóò ṣe é, ìṣẹ́gun yóò dé. Kò sí ohun tó so apá kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. A lè gé e kúrò kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewì àìsàn tàbí ewì ìrìn àjò, yóò bá a mu. Àmọ́ Àjọkẹ́, ìdí àkàrà ìyá rẹ̀ ló ti rí ìdáhùn. Ẹni tó ń ro iye tí kóńgò ẹ̀wà kan yóò mú jáde kó tó mọ iye tí yóò tà á ń ṣe ìṣirò. Ẹni tó ń ju ìwọ̀nba ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo láti wò ó bóyá yóò hó kó sì léfòó mọ̀ nípa ooru. Kán-ún tó ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀ lórí iná, iṣẹ́ Kẹ́mísírì ni. Kò sí èyí tó jẹ́ àpọ́nlé asán níbẹ̀. Wọn kò ní bi í léèrè àkàrà nínú gbọ̀ngàn, kò sì ní torí èyí gba A1, ṣùgbọ́n ó ti rí ẹ̀rí pé orí òun lè ṣe irú iṣẹ́ náà, láti ibi tí kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà kí a pààrọ̀ ohun èlò inú ewì ọmọ fún èyí tó dùn létí. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ mẹkáníìkì, kí ó wá físíìsì rẹ̀ lábẹ́ jáàkì. Bí ìyá rẹ̀ bá ń rán aṣọ, ìwọ̀n àti ìdajì wà nínú téèpù tó fi kọ́rùn. Ọmọ tí n kò bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ewì rẹ̀, mo máa ń ní kó padà lọ sílé lọ wò yíká.

Apá tó kan owó Wáẹ́kì ló gba ìṣọ́ra jù nígbà títẹ̀. Owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀: ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ náà ń gbé gbèsè kan láti orí bébà dé ara ìyá rẹ̀, ó sì wá gbé e dé inú ìwà ara rẹ̀, láàárín ìlà mẹ́ta. Bí ilé ìtẹ̀wé bá yọ àmì kúrò, ohun tí òǹkàwé yóò rí ni owo, owo, owo, ewì náà yóò sì kú síbẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé fi ń ṣe iṣẹ́ kò gba àmì wa. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo jáde fún mi kí n fi etí kà á, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ọ̀ràn fífẹ̀ ìlà tún wà níbẹ̀. Bí ojú ìwé bá jẹ́ olópòó méjì, ìlà gígùn yóò ṣẹ́ sísàlẹ̀, gbólóhùn adọ́gba kò sì ní bára wọn dọ́gba lójú mọ́. Ìlà Àjọkẹ́ tó ní kóńgò ẹ̀wà nínú ni ó gùn jù nínú ewì yìí, òpó kan tó fẹ̀ ni mo sì máa ń béèrè fún nítorí irú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan yóò fẹ́ pa Físíìsì àti Kẹ́mísírì rẹ́, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jinlẹ̀ dípò wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ẹ̀kọ́. Nínú ewì yìí, ohùn ọmọ ni yóò bàjẹ́. Kò sí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ ní ìdájí tó ń pe Kẹ́mísírì ní orúkọ tí kò gbọ́ rí àyàfi nínú ìwé atúmọ̀. Fẹ́èlì náà, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń pè é ní kíláàsì ni ó ṣe ń já wọn láyà.

Ìlà tí mo ro jù ni èyí tó sọ pé ìbéèrè tí òun bá mọ̀ ni òun yóò kọ́kọ́ dáhùn. Kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ohun tí gbogbo olùkọ́ ń sọ fún ọmọ ni, mo sì kọ́kọ́ ń bẹ̀rù pé yóò dún bí ìmọ̀ràn. Mo fi í sílẹ̀ nítorí pé ọmọ náà ló ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dìde, ìlérí iṣẹ́ tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sì ni. Kò ṣèlérí pé òun yóò gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ewì tó bá ṣèlérí èsì lórúkọ ọmọ ń fi ẹrù mìíràn kún ẹrù rẹ̀, pàápàá nínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ilé ìwé yóò kà, tí yóò sì wà nílẹ̀ nígbà tí èsì bá dé.

Wọ́n ti bi mí léèrè rí bóyá kíkọ irú ewì yìí ń mú kí ọmọ ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò. Ní 2011, Gerardo Ramirez àti Sian Beilock, tí wọ́n wà ní yunifásítì Ṣikágò nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ìdánwò máa ń bà, tí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ẹ̀rù wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kọ ọ́. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Nígbà tó di 2018, àwọn olùwádìí mìíràn jáde sọ pé àwọn tún ọ̀kan nínú àwọn àdánwò náà ṣe pẹ̀lú ènìyàn tó pọ̀ sí i, àwọn kò sì rí àǹfààní náà. Nítorí náà n kì í ta ewì fún ọmọ bí oògùn máàkì. Ohun tí mo rí pẹ̀lú ojú mi kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó mi: bí ọmọ bá ti lè dárúkọ ẹ̀rù rẹ̀ ní ìlà kan tó péye, ó máa ń lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì mọ̀ títí di ìgbà náà pé owó tí àwọn san ni ọmọ kò fi rí oorun sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àsìkò. Ìparí ọdún ẹ̀kọ́, ní oṣù keje, lọ́jọ́ ayẹyẹ ìdágbére, ni ìwé ìròyìn ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń jáde. Ìgbà yẹn, àwọn tí ewì ìdánwò wà fún ti kọ ìdánwò wọn tán tàbí kó kù díẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọ̀gá ilé ìwé ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ojú ìwé ewì jáde ṣáájú ìyókù, ní ìparí sáà kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ bébà kan ṣoṣo tí a lẹ̀ mọ́ ara pátákó ìkéde. Kí ọmọ tó kọ ọ́ kà á sókè nígbà àpéjọ òwúrọ̀, kí wọ́n sì pe àwọn òbí wá lọ́jọ́ náà.